Ohun tí ìlà ń sọ: bí a ṣe tún abala àbájáde kan kọ

Dátà tí ọ̀rọ̀ yìí dá lé lórí ni ti ikú àwọn abiyamọ ní ilé ìwòsàn ńlá ti ìlú Fíẹ́nà, láti 1841 sí 1848. Akẹ́kọ̀ọ́ kan tó ń kàwé gboyè kejì nínú ìmọ̀ ìlera ará ìlú ni mo gbé e fún, kí ó fi kọ́ bí a ṣe ń kọ abala àbájáde kó tó kan dátà tirẹ̀. Mo mọ̀ọ́mọ̀ yan èyí tó ti pẹ́, tí ìṣirò rẹ̀ kò le, tí ìtàn rẹ̀ sì ti di mímọ̀. Bí ohun tó kọ bá dàrú, a kò ní lè sọ pé dátà ló le jù. Kíkọ nìkan ni a ó máa bá wí.

Ẹ̀ka ìgbẹ̀bí méjì ló wà ní ilé ìwòsàn náà nígbà yẹn. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ló ń kọ́ṣẹ́ ní ẹ̀ka kìíní, àwọn agbẹ̀bí ló ń kọ́ṣẹ́ ní ẹ̀ka kejì. Ibà tó máa ń mú obìnrin lẹ́yìn ìbímọ ló ń pa wọ́n ní ẹ̀ka méjèèjì, àmọ́ ó ń pa ti ẹ̀ka kìíní jù. Ignaz Semmelweis, dókítà ará Họ́ngárì, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ olùrànlọ́wọ́ níbẹ̀ ní 1846. Ó kíyè sí i pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn máa ń ti ibi tí wọ́n ti ń la òkú wá tààrà sọ́dọ̀ aláboyún. Ní àárín oṣù Karùn-ún 1847, ó pa á láṣẹ pé kí gbogbo wọn máa fi omi kolorínì fọ ọwọ́ kí wọ́n tó fọwọ́ kan ẹnikẹ́ni. Ní 1861 ló kó gbogbo iye náà jáde nínú ìwé rẹ̀.

Àtẹ kan àti àwòrán méjì ni akẹ́kọ̀ọ́ yìí gbé wá, mo sì gbádùn wọn. Àtẹ 1 to iye àwọn tó bímọ, iye àwọn tó kú, àti ìdá ikú nínú ọgọ́rùn-ún fún ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan lọ́dọọdún. Àwòrán 1 fa ìlà méjì, ọ̀kan fún ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan, láti 1841 dé 1848. Àwòrán 2 jẹ́ ti ẹ̀ka kìíní nìkan, oṣù dé oṣù, láti oṣù Kìíní 1846 títí dé oṣù Kejìlá 1848, ó sì fa ìlà òòró kan sí àárín oṣù Karùn-ún 1847 láti fi hàn ìgbà tí ọwọ́ fífọ̀ bẹ̀rẹ̀. Kò sí ohun tí mo fẹ́ yí padà nínú wọn. Ọ̀rọ̀ tó wà láàárín wọn ni ìṣòro. Báyìí ló ṣe bẹ̀rẹ̀:

"Àwòrán 1 ṣàfihàn ìdá ikú ní ẹ̀ka méjèèjì. Ní 1841, ìdá ikú ní ẹ̀ka kìíní jẹ́ 7.8%, ti ẹ̀ka kejì sì jẹ́ 3.5%. Ní 1842, ti ẹ̀ka kìíní jẹ́ 15.8%, ti ẹ̀ka kejì jẹ́ 7.6%. Ní 1843, ti ẹ̀ka kìíní jẹ́ 9.0%, ti ẹ̀ka kejì jẹ́ 6.0%. Ní 1844, ti ẹ̀ka kìíní jẹ́ 8.2%, ti ẹ̀ka kejì jẹ́ 2.3%…"

Ó ń lọ bẹ́ẹ̀ títí dé 1848. Lẹ́yìn náà ó kan Àwòrán 2, ó sì to oṣù mẹ́rìndínlógójì lẹ́sẹẹsẹ, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú iye tirẹ̀. Mo yẹ gbogbo iye náà wò, kò sí èyí tó ṣì kọ. Síbẹ̀, nígbà tí mo kà á tán, mi ò lè sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Fíẹ́nà. Ó dà bí ìgbà tí ènìyàn ti ọjà dé, tó ka iye owó gbogbo ohun tó wà lórí igbá fún wa, tí kò sì sọ bóyá ọjà wọ́n tàbí kò wọ́n.

Mo bi í léèrè ìdí tó fi kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ó ní, "Mà, ẹ̀rù ń bà mí ni. Tí mi ò bá kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, wọn á ní mo ń fi nǹkan pamọ́."

Ìdí tó ní làákàyè ni, mi ò sì fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú un, nítorí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ni ẹ̀rù yìí ń bá jà. Àmọ́ Àtẹ 1 ti gbé gbogbo iye ọdọọdún jáde, kò sì sí ẹni tó lè sọ pé a fi ohunkóhun pamọ́ níbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ mọ iye ti 1844 gan-an yóò wo àtẹ. Ohun tí àtẹ kò lè ṣe ni kó sọ fún òǹkàwé pé, nínú iye wọ̀nyí, ibi báyìí ni kí o wò, ohun tí o sì máa rí níbẹ̀ nìyí. Iṣẹ́ gbólóhùn nìyẹn. Bí gbólóhùn bá tún ka iye tó wà nínú àtẹ, iṣẹ́ méjì ti wà fún àtẹ, kò sì sí ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ ti gbólóhùn.

Mo ní kó pa àtẹ náà dé. Kí ó gbé Àwòrán 1 nìkan síwájú, kí ó má wo òǹkà ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ó sì fi ẹnu sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí fún mi. Ohun tó kọ́kọ́ sọ ni pé ikú ń dín kù díẹ̀díẹ̀. Mo ní kó fi ìka tọ ìlà ẹ̀ka kìíní láti ìbẹ̀rẹ̀ kó sì tún un sọ. Ìka rẹ̀ gòkè lọ sí 1842, ó sọ̀ kalẹ̀ títí dé 1845, ó tún gòkè ní 1846, kó tó wá já wálẹ̀. Kò sí ibi tí "díẹ̀díẹ̀" bá a mu. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ó mọ ibi tí ìtàn náà parí sí, ó sì fi ìparí rẹ̀ ka ìbẹ̀rẹ̀. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù nínú irú gbólóhùn yìí nìyẹn: a wo ibi àkọ́kọ́ àti ibi ìkẹyìn, a sì fa ìlà gbọọrọ láàárín wọn nínú ọ̀rọ̀, nígbà tí ìlà orí ìwé kò ṣe gbọọrọ. Ọ̀rọ̀ bíi "ń gòkè," "ń sọ̀ kalẹ̀," "dúró lójú kan" ṣeé dán wò. Kí a fi ìka tọ ìlà, kí a wò ó bóyá ọ̀rọ̀ náà bá ìka lọ.

Nígbà tó tún un wò, nǹkan mẹ́ta ló sọ. Ìlà ẹ̀ka kìíní kò bọ́ sábẹ́ ìlà ẹ̀ka kejì rárá láti 1841 sí 1846. Ìlà méjèèjì jọ ń gòkè, wọ́n jọ ń sọ̀ kalẹ̀. Ní ìparí, wọ́n pàdé. Èyí kejì yẹn wú mi lórí, nítorí ẹni tó kàn to iye sílẹ̀ kò lè rí i láé. Ohun tó ń lé ikú sókè ní ọdún kan lé e sókè ní ẹ̀ka méjèèjì, bẹ́ẹ̀ sì ni àlàfo àárín wọn kò dí. Odindi abala ìjíròrò lè ti inú gbólóhùn kan yìí jáde.

Ó wá ku iye tó yẹ kó dúró. Kì í ṣe pé kí abala àbájáde máà ní òǹkà kankan o. Bí a bá kọ pé ikú "pọ̀ gan-an" ní ẹ̀ka kìíní tí a dákẹ́, a ti sọ òǹkàwé di ẹni tó gbọ́dọ̀ gba ẹnu wa gbọ́. Iye tó yẹ kó wà nínú gbólóhùn ni èyí tí òǹkàwé máa fi wọn ọ̀rọ̀ náà wò. Fún ọ̀rọ̀ pé ẹ̀ka kìíní burú ju ẹ̀ka kejì lọ, àpapọ̀ ọdún mẹ́fà tó, pẹ̀lú iye àwọn obìnrin tí a ti yọ ọ́. Fún ọ̀rọ̀ àlàfo, ọdún tó kéré jù àti ọdún tó fẹ̀ jù tó. Èyí ló wá kọ:

"Láti 1841 sí 1846, ikú pọ̀ ní ẹ̀ka kìíní ju ti ẹ̀ka kejì lọ lọ́dọọdún (Àwòrán 1). Lápapọ̀, obìnrin 1,989 ló kú nínú 20,042 tó bímọ ní ẹ̀ka kìíní (9.9%), 691 sì kú nínú 17,791 ní ẹ̀ka kejì (3.9%). Ìlà méjèèjì jọ gòkè ní 1842, wọ́n jọ sọ̀ kalẹ̀ títí dé 1845, wọ́n sì tún jọ gòkè ní 1846. Àlàfo àárín wọn kéré jù ní 1843, nígbà tí ìdá ikú ẹ̀ka kìíní jẹ́ ìlọ́po kan àtààbọ̀ ti ẹ̀ka kejì. Ó fẹ̀ jù ní 1846, nígbà tó jẹ́ bí ìlọ́po mẹ́rin. Ní 1848, àlàfo náà ti dí: ìdá ikú jẹ́ 1.3% ní ẹ̀ka méjèèjì (Àtẹ 1)."

Ẹ wo bí "Àwòrán 1 ṣàfihàn ìdá ikú" ṣe kúrò níbẹ̀. Gbólóhùn yẹn kò sọ ohunkóhun tí àkọlé abẹ́ àwòrán kò tíì sọ. Ohun tí a rí ni kó ṣíwájú, kí orúkọ àwòrán tẹ̀ lé e nínú àkámọ́ bí ẹlẹ́rìí tí a nawọ́ sí. Òǹkàwé á ka ọ̀rọ̀ náà, á gbójú sí àwòrán láti yẹ̀ ẹ́ wò, á sì padà sórí ọ̀rọ̀.

Àwòrán 2 ló gba wá lákòókò jù. Nígbà tó gbọ́ pé kó má to gbogbo oṣù sílẹ̀ mọ́, ó gé e kúrú báyìí: "Lẹ́yìn tí ọwọ́ fífọ̀ bẹ̀rẹ̀, ìdá ikú já wálẹ̀ láti 18.3% ní oṣù Kẹrin 1847 sí 2.2% ní oṣù Kẹfà." Òótọ́ ni iye méjèèjì, gbólóhùn náà kúrú, ó sì dùn ún kà. Àmọ́ èmi kò lè fọwọ́ sí i.

Ẹ jẹ́ kí a wo àwòrán náà fúnra rẹ̀. Láti oṣù Kìíní títí dé oṣù Kọkànlá 1846, ìlà náà ga, kò sí oṣù kan tó bọ́ sábẹ́ 10%. Lẹ́yìn náà, ní oṣù Kejìlá, ó ṣubú sí 5.4%, ó sì wà nílẹ̀ títí dé oṣù Kẹta 1847. Ní oṣù Kejì ọdún yẹn, 1.9% ni. Ẹ rántí pé kò tíì sí ẹni tó ń fi omi kolorínì fọ ọwọ́ nígbà náà, bẹ́ẹ̀ 1.9% yẹn kéré ju 2.2% ti oṣù Kẹfà tí akẹ́kọ̀ọ́ wa ń fi yangàn. Ní oṣù Kẹrin ni ìlà náà tún fò sókè sí 18.3%, ó jẹ́ 12.2% ní oṣù Karùn-ún, kó tó já wálẹ̀.

Gbólóhùn rẹ̀ mú oṣù tó ga jù láìpẹ́ ṣáájú, ó fi í ṣe ìbẹ̀rẹ̀, ó sì fo kòtò oṣù mẹ́rin tó wà ṣáájú oṣù náà. Kò ní in lọ́kàn láti tan ẹnikẹ́ni jẹ. Ohun tí gígé kúrú máa ń fà nìyí: tí a bá ní kí iye méjì péré dúró fún mẹ́rìndínlógójì, èyí tó ń gbé ìtàn wa lẹ́yìn ni ọwọ́ wa máa ń lọ bá. Bẹ́ẹ̀ sì ni àwòrán ṣì wà lójú ewé. Òǹkàwé tó bá gbójú sókè á rí kòtò yẹn kedere, á sì máa rò ó pé kí ló dé tí òǹkọ̀wé kò fi mẹ́nu kàn án. Láti ibẹ̀ lọ, kò ní gba gbólóhùn mìíràn gbọ́ tọkàntọkàn. Nítorí náà ohun tí mo máa ń sọ ni pé ibi tó bá yọ jù lójú nínú àwòrán gbọ́dọ̀ ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀, pàápàá èyí tí kò bá ohun tí a fẹ́ sọ lọ.

Ó bẹ̀rù pé tí òun bá sọ ọ̀rọ̀ kòtò náà, àbájáde òun á rọ. Òdìkejì rẹ̀ ló ṣẹlẹ̀. Nígbà tí a fi kòtò yẹn sí i, a rí i pé agbára dátà yìí kò sí nínú pé ìlà já wálẹ̀ láàárín oṣù méjì, nítorí ó ti já wálẹ̀ bẹ́ẹ̀ rí. Agbára rẹ̀ wà nínú pé kò padà sókè mọ́. Ti àkọ́kọ́ pẹ́ oṣù mẹ́rin. Láti oṣù Kẹfà 1847 títí dé ìparí 1848, oṣù mọ́kàndínlógún gbáko, kò sí oṣù kan tó dé 5%. Ohun tó yẹ kí òǹkàwé gbé lọ nìyẹn, "láti 18.3% sí 2.2%" kò sì lè gbé e fún un.

Nínú oṣù mọ́kàndínlógún yẹn, ìlà náà ṣì ń mì. Ó kọ́kọ́ fẹ́ ròyìn gbogbo mímì rẹ̀: 1.2% ní oṣù Keje 1847, 1.9% ní oṣù Kẹjọ, 4.6% ní oṣù Kẹsàn-án. Mo ní kó padà sórí iye ènìyàn. Obìnrin 250 ló bímọ ní oṣù Keje, mẹ́ta kú. 264 ló bímọ ní oṣù Kẹjọ, márùn-ún kú. Níbi tí àwọn tó bímọ lóṣù kò ti ju bí ọ̀ọ́dúnrún lọ, ikú ẹnì kan ṣoṣo ń gbé ìlà náà ní nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta 1%. Láti kọ pé "ikú gòkè ní oṣù Kẹjọ" nítorí ènìyàn méjì jẹ́ sísọ ohun tí dátà kò lè gbé. Ti oṣù Kẹsàn-án yàtọ̀, obìnrin méjìlá ló kú, ìlà náà sì wà ní bí 4% tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ fún oṣù mẹ́ta. Ìyẹn yẹ ní gbólóhùn kan, a sì fi í sí i.

Ọ̀rọ̀ méjì míì ni mo fa ìlà sí nídìí. Ó kọ pé ikú dín kù "nítorí" ọwọ́ fífọ̀, àti pé ó dín kù "lọ́nà tó ṣe pàtàkì." Èmi náà gbà pé ọwọ́ fífọ̀ ni. Àmọ́ ohun tí abala àbájáde lè rí ni àkókò: ìyípadà náà dé lẹ́yìn tí ọwọ́ fífọ̀ bẹ̀rẹ̀. Ìdí jẹ́ ti abala ìjíròrò. Ibẹ̀ náà ni àlàyé kòtò oṣù mẹ́rin máa lọ, nítorí Semmelweis fúnra rẹ̀ sọ pé wọ́n ti dín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀ka kìíní kù láti 42 sí 20 ní ìgbà yẹn, tí wọ́n sì dín iye ìgbà tí wọ́n ń fọwọ́ yẹ obìnrin wò kù. "Pàtàkì" ní tirẹ̀ máa ń jẹ́ kí àwọn tó mọ ìṣirò béèrè irú ìdánwò tí a ṣe. Kò ṣe ìdánwò kankan, nítorí náà a yọ ọ́.

Bí gbólóhùn Àwòrán 2 ṣe rí nígbà náà nìyí:

"Ní ẹ̀ka kìíní, ìdá ikú kò bọ́ sábẹ́ 10% ní oṣù kankan láti oṣù Kìíní dé oṣù Kọkànlá 1846 (Àwòrán 2). Ó lọ sílẹ̀ fún oṣù mẹ́rin, ó sì tún gòkè sí 18.3% ní oṣù Kẹrin 1847. Lẹ́yìn tí ọwọ́ fífọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní àárín oṣù Karùn-ún, ó sọ̀ kalẹ̀, kò sì dé 5% mọ́ ní oṣù kankan títí dé ìparí 1848. Láàárín àkókò yìí, ó gòkè díẹ̀ láti oṣù Kẹsàn-án dé oṣù Kọkànlá 1847. Kò sì sí ẹni tó kú ní oṣù Kẹta àti oṣù Kẹjọ 1848."

Nígbà tó ń kó iye oṣooṣù pọ̀, ó rí ohun kan tí ó wá bi mí léèrè. Nínú àtẹ ọdọọdún, obìnrin 4,010 ló bímọ ní ẹ̀ka kìíní ní 1846. Nínú ti oṣooṣù, àpapọ̀ ọdún kan náà jẹ́ 3,352. Àwọn tó kú jẹ́ 459 nínú méjèèjì. Ìdá ikú ọdún kan ṣoṣo wá di 11.4% níbì kan, 13.7% níbòmíràn. Ó fẹ́ mú ọ̀kan, kó gbàgbé èkejì. Mo ní rárá: kí àwòrán kọ̀ọ̀kan dúró lórí àtẹ tirẹ̀, kí ó má ṣe da iye wọn pọ̀ nínú gbólóhùn kan, kí ó sì kọ ìyàtọ̀ náà sábẹ́ Àwòrán 2 ní ìlà kan. 1847 náà ní ìyàtọ̀ tirẹ̀, 3,490 àti 3,375; 1848 bá ara wọn mu, 3,556. Abẹ́ àwòrán ni irú àlàyé báyìí ń gbé. Bó bá wọ àárín ọ̀rọ̀, á dá òǹkàwé dúró níbi tí kò ti yẹ kó dúró.

Kí a tó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, a dán an wò lọ́nà tí mo fẹ́ràn. Mo fún alábàáṣiṣẹ́ mi kan tí kò rí àwòrán náà rí ní ìpínrọ̀ méjèèjì, mo ní kó fa ìlà tí ọ̀rọ̀ náà ń sọ sórí bébà. Ìlà méjì ti Àwòrán 1 dára: wọ́n jọ gòkè, wọ́n jọ sọ̀ kalẹ̀, wọ́n pàdé. Nínú Àwòrán 2, ó fa kòtò náà sí ibi tó yẹ, àmọ́ kò fà á jìn, kò sọ̀ kalẹ̀ ju bíi 8% lọ. Mo bi í ní ìdí. Ó ní, "Ṣebí 'ó lọ sílẹ̀' lẹ kọ, ẹ ò sọ pé ó jìn." Òótọ́ ni, àwa méjèèjì tí àwòrán wà níwájú wa kò sì rí i. Akẹ́kọ̀ọ́ náà padà sórí gbólóhùn yẹn, ó kọ ọ́ báyìí: "Láti oṣù Kejìlá 1846 dé oṣù Kẹta 1847, ó lọ sílẹ̀ gan-an, débi tó fi jẹ́ 1.9% ní oṣù Kejì, ó sì tún gòkè sí 18.3% ní oṣù Kẹrin." Iye kan ṣoṣo ló fi kún un.